Tá a bá fẹ́ ta páno sólà fún ìyá télọ̀ ní Kétu, ọkàn ẹ̀ ni ká bá sọ̀rọ̀ ni àbí àpò ẹ̀?

Iṣẹ́ mi ni pé mo máa ń bá àwọn onísọ̀ tó ń ta páno sólà àti gúrúpù, èyí táwọn ará Nàìjíríà ń pè ní jẹnẹrétọ̀, ṣe ìpolówó ní Kétu ti ilẹ̀ Benin níbí, nígbà míì mo máa ń dé Àjàṣẹ́, àríyànjiyàn kan sì wà láàárín wa tí kì í tán. Àwọn kan ní ọkàn oníbàárà ni kéèyàn bá sọ̀rọ̀, ẹ fi àwòrán ọmọ tó ń kàwé lábẹ́ iná hàn án, ẹ jẹ́ kó rántí òkùnkùn àná, owó á jáde. Àwọn kan ní rárá o, ẹni tó fẹ́ yọ 450,000 fáránkì kì í ṣe ọmọdé, iye wáàtì, iye ọdún tó máa lò, iye tí kò ní ná mọ́, ìyẹn ni kẹ́ ẹ sọ fún un. Èmi ò gba ti ẹnì kankan tán nínú wọn. Ohun tí mo rí ni pé ọjà tówó ẹ̀ bá ti tó yẹn, ẹni tó dúró níwájú ẹ ní ìsọ̀ ò ní dá a rà. Ó máa délé, ó máa bá ọkọ ẹ̀ sọ, ọkọ á bá ẹ̀gbọ́n ẹ̀ sọ, òun náà á tún bá àwọn tí wọ́n jọ ń dá tọ́ntìnì sọ, ìwọ tó mọ ọ̀rọ̀ọ́ sọ ò sì ní sí níbẹ̀. Ibẹ̀ lọjà ti ń tà, ibẹ̀ náà ló ti ń bàjẹ́.

Tó bá jẹ́ ọṣẹ ìfọṣọ ni, ọ̀rọ̀ ò ní le tó báyìí. Èèyàn á gbọ́ orin lórí rédíò, á rí ojú òṣèré tó fẹ́ràn, á ra ọ̀kan, tí ò bá dáa, owó kékeré ló lọ, kò sẹ́ni tó máa pe ìpàdé ẹbí lé e lórí. Àwọn onímọ̀ mẹ́ta kan ní Amẹ́ríkà, Petty, Cacioppo àti Schumann, dán irú nǹkan yìí wò, wọ́n sì tẹ ohun tí wọ́n rí jáde lọ́dún 1983. Ìpolówó réésọ̀ ìfárùngbọ̀n ni wọ́n fi han àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Wọ́n sọ fún apá kan pé tó bá yá wọ́n máa mú réésọ̀ kan fúnra wọn, ẹ̀yin náà ẹ mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ti kan àwọn yẹn nìyẹn, apá kejì ò ní í mú réésọ̀ rárá, nǹkan míì ni wọ́n máa fún wọn. Àwọn tí ọ̀rọ̀ ò kàn, ojú àwọn eléré ìdárayá tó lókìkí tí wọ́n fi sínú ìpolówó ló fà wọ́n. Àwọn tí ọ̀rọ̀ kàn, bí àlàyé ṣe lágbára tó ni wọ́n ń wò, ojú gbajúmọ̀ ò fi bẹ́ẹ̀ mú wọn. Réésọ̀ lásán nìyẹn o. Ẹ wá fojú inú wo ẹni tó jẹ́ pé owó tọ́ntìnì odindi ọdún kan ló fẹ́ kó sílẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká mú ẹnì kan, torí ọ̀rọ̀ yìí ò ṣeé sọ lófìfo. Màmá kan ló ní ṣọ́ọ̀bù ìránṣọ lójú ọ̀nà tó lọ sí Ìlárá, kúráǹ ò tíì dé ọ̀dọ̀ ẹ̀, gúrúpù kékeré tó ń pariwo yẹn ló ń lò. Ó máa ń tàn án fún bíi wákàtí 5 lóòjọ́, ó ń mu bíi líta 3, kpáyò, epo ẹ̀bá títì tó ń wá láti Nàìjíríà, ló sì ń rà sí i, 600 fáránkì ni wọ́n ń tà á fún un lásìkò tá a jọ sọ̀rọ̀. Ẹ mọ̀ pé láti oṣù karùn-ún ọdún 2023 tí ìjọba Nàìjíríà ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo, kpáyò ò sí bó ṣe wà tẹ́lẹ̀ mọ́, lónìí ó lọ sókè, lọ́la ó yí padà, ìdí nìyẹn témi kì í fi í kọ iye epo sórí ìwé ìpolówó láéláé. Ẹnu oníbàárà ni mo ti máa ń gba iye tóun gan-an ń rà á. Tó bá jẹ́ òun ló pe nǹkan náà jáde lẹ́nu, kò ní bá mi jiyàn lé e lórí, ọkọ ẹ̀ náà ò sì ní lè sọ pé onísọ̀ ló bù ú sókè.

Líta 3 lójúmọ́, 1,800 fáránkì nìyẹn. Ó ń ṣiṣẹ́ ọjọ́ 26 lóṣù, ó di 46,800. Mo bi í nípa ọ́ìlì, nípa púlọ́ọ̀gì, nípa mẹkáníìkì tó máa ń wá tú kábúrétọ̀, ó ronú díẹ̀, ó ní àá pè é ní 5,200 lóṣù. Àpapọ̀ ẹ̀ jẹ́ 52,000 fáránkì lóṣooṣù. Màmá yìí ò tíì ro wọ́n pọ̀ rí, torí díẹ̀díẹ̀ lowó epo máa ń jáde, ìgò kan lónìí, ìgò méjì lọ́la, kò sígbà tó dúró síwájú ẹ̀ pọ̀ kó lè rí bó ṣe tóbi tó. Owó sólà ní tiẹ̀, ẹ̀ẹ̀kan náà ló máa ń yọ sí èèyàn, ìdí nìyẹn tó fi ń dẹ́rù bà wọ́n, kódà ẹni tó ti ná jù ú lọ sórí epo.

Ohun tá a máa gbé síbẹ̀ wá ńkọ́? Páno 200 wáàtì méjì, bátìrì lítíọ́ọ̀mù kan tó jẹ́ fólùtì 12, 100 áńpíà, ínfátà 1,000 wáàtì, wáyà àti iṣẹ́ ọwọ́, 450,000 fáránkì ni gbogbo ẹ̀ ní ìsọ̀ tá a jọ ń ṣe. Mọ́tò ẹ̀rọ ìránṣọ ẹ̀ ń fa bíi 100 wáàtì, fáànù 50, gílóòbù mẹ́ta tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ 10. Tó bá lo ẹ̀rọ fún wákàtí 5, fáànù fún wákàtí 6, gílóòbù fún wákàtí 4, ohun tó máa lò lóòjọ́ á fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 920 tá a bá ṣèṣirò wáàtì lọ́nà wákàtí. Bátìrì yẹn lè gbé bíi 1,000 láìjẹ́ pé a fà á gbẹ. Ó kárí ẹ̀. Mi ò sọ 920 yẹn fún màmá o, kí ló fẹ́ fi ṣe? Ohun tí mo sọ fún un ni pé, ẹ̀rọ yín, fáànù yín, gílóòbù yín, á gbé wọn láti àárọ̀ títí tẹ́ ẹ fi máa tilẹ̀kùn. Lẹ́yìn ìyẹn ni mo wá sọ èyí tí kò ní gbé, ìyẹn áyọ́ọ̀nù.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ta sólà, ẹ dákun, ẹ má sá fún ọ̀rọ̀ áyọ́ọ̀nù. Áyọ́ọ̀nù oníná 1,000 wáàtì, wákàtí kan péré ló máa gbé gbogbo ohun tó wà nínú bátìrì yẹn mì, kò sì sí télọ̀ tí kì í lọ aṣọ. Tẹ́ ẹ bá dákẹ́ nípa ẹ̀, ọ̀sẹ̀ tẹ́ ẹ gbé e fún un ni fóònù yín máa dún. Mo ní, màmá, áyọ́ọ̀nù elédùú tẹ́ ẹ ní yẹn, ẹ má jù ú nù, ẹ fi 6,000 fáránkì èédú lóṣù sínú ìṣirò wa. Ojú ẹ̀ yí padà, mo rí i. Ìgbà yẹn ló ṣẹ̀ṣẹ̀ wá fìdí lélẹ̀ dáadáa lórí bẹ́ǹṣì, torí ó ti rí i pé ẹni tó fẹ́ tajà fóun ń sọ ibi tí ọjà ẹ̀ kù sí láìjẹ́ pé wọ́n fipá fà á jáde lẹ́nu ẹ̀. Ohunkóhun tí mo bá sọ lẹ́yìn ìyẹn, á rọrùn fún un láti gbà.

Tá a bá yọ 6,000 kúrò nínú 52,000, ó ku 46,000 tí kò ní máa ná mọ́ lóṣooṣù. 450,000, tá a bá pín in sí 46,000, kò tó oṣù 10. Ṣùgbọ́n èmi kì í sọ oṣù 10 jáde, oṣù 12 ni mo máa ń sọ, torí lásìkò òjò, tójú ọjọ́ bá ṣú látàárọ̀ dalẹ́, páno ò ní mú ju ìdajì ohun tó máa ń mú wá lọ, màmá á sì tan gúrúpù ẹ̀ láwọn ọjọ́ bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá sọ oṣù 10, tó wá di oṣù 12, irọ́ ló pa lójú ẹbí. Ẹni tó bá sọ 12, tó wá di 11, àwọn ẹbí yẹn kan náà ló máa bá a polówó.

Ẹ wò ó, gbogbo èyí tí mo sọ yìí, ìṣirò ni. Àmọ́ ìṣirò kọ́ ló jẹ́ kí màmá yìí jókòó tì mí níbẹ̀rẹ̀. Ìbéèrè kan ni mo bi í, mo ní, màmá, ìgbà wo ni gúrúpù yìí dójú tì yín kẹ́yìn? Mo wá dákẹ́. Kò dáhùn, ó dìde, ó lọ fa léèsì funfun kan jáde nínú kọ́bọ́ọ̀dù, ó nà án síwájú mi, ó fi àtàǹpàkò ra ibi kan létí ọrùn aṣọ náà, ó ní ẹ wo nǹkan dúdú yìí. Ẹnu ọ̀nà ni gúrúpù máa ń wà, lọ́jọ́ tí atẹ́gùn bá yí, èéfín ẹ̀ á wọlé, ọ́ìlì tó wà nínú èéfín náà á bà sórí aṣọ. Aṣọ ìyàwó ni. Òun ló ra léèsì míì dípò ẹ̀, síbẹ̀ ìyá ìyàwó ò tún gbé iṣẹ́ wá mọ́ látìgbà náà. Kò sí àwòrán kankan tí mo lè yà sára ìwé ìpolówó tó máa wọ màmá yìí lọ́kàn tó léèsì yẹn, torí tiẹ̀ ni, òun ló mọ bó ṣe dùn ún tó. Àwòrán ọmọ tó ń rẹ́rìn-ín lábẹ́ gílóòbù tí wọ́n ń lẹ̀ kiri yẹn, ọmọ ẹlòmíì ni.

Mo wá mọ̀ báyìí pé ìmọ̀lára tó bá máa wúlò fún ọjà olówó ńlá, inú oníbàárà ló ti gbọ́dọ̀ jáde, iṣẹ́ olùpolówó ò ju kó bi í ní ìbéèrè tó yẹ kó sì ní sùúrù. Ó sì níbi tí agbára ẹ̀ mọ. Tí màmá bá délé tó ní fún ọkọ ẹ̀ pé inú òun bàjẹ́ nítorí léèsì, ọkọ á bá a kẹ́dùn, á ní kó gbé gúrúpù sẹ́yìn ilé, ọ̀rọ̀ á parí síbẹ̀. Inú tó bàjẹ́ yẹn ò ṣeé gbé fún ẹlòmíì bí wọ́n ṣe ń gbé ìwé fún un. Ìdí nìyẹn tí mo fi kọ ìdajì ojú ìwé kan fún un, ìlà mẹ́ta péré: ohun tẹ́ ẹ ń ná báyìí, 52,000 lóṣù, ohun tẹ́ ẹ máa san, 150,000 lákọ̀ọ́kọ́, lẹ́yìn náà 30,000 lóṣù fún oṣù 10, ohun tí kò lè gbé, áyọ́ọ̀nù. Ó ya á ní fọ́tò, ó fi ránṣẹ́ sí ọkọ ẹ̀ tó ń ṣiṣẹ́ ní Kútọnu lórí Wásáàpù lójú mi níbẹ̀.

Ìlà kejì yẹn lẹ ní láti wò dáadáa. 30,000 sólà, ẹ fi 6,000 èédú kún un, 36,000. Iye tó ń jó báyìí jẹ́ 52,000. Ìyẹn ni pé látoṣù àkọ́kọ́ tó bá ti ń san díẹ̀díẹ̀, owó tó ń jáde lọ́wọ́ ẹ̀ ti kéré sí ti tẹ́lẹ̀, kó tó di pé ó san gbèsè tán rárá. Nínú gbogbo nǹkan tí mo lè sọ nípa wáàtì àti áńpíà, kò sí èyí tó lágbára tó èyí, torí ẹni tí ò mọ ohunkóhun nípa sólà lè gbé e sọ fún ẹlòmíì kó má ṣì í sọ. Ẹ̀gbọ́n ọkọ ẹ̀ pè mí lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Ó ní, gúrúpù tuntun ò ju 80,000 lọ, kí ló dé tẹ́ ò ra ìyẹn fún un? Mo ní, ẹ̀gbọ́n, òótọ́ lẹ sọ, gúrúpù tuntun 80,000 ni, àmọ́ líta 3 náà lòun náà máa mu. Ó ní, tí bátìrì bá wá kú ńkọ́? Mo sọ iye ọdún tí ilé iṣẹ́ tó ṣe é kọ sórí ìwé gàrántì fún un, mo sọ iye tí bátìrì nìkan jẹ́ nínú 450,000 yẹn, mo ní ẹ máa tọ́jú díẹ̀díẹ̀ sílẹ̀ dè é látinú èyí tẹ́ ò fi ra epo mọ́. Ó ní ó dáa. Kò bi mí nípa léèsì kankan.

Ọ̀rọ̀ ìbẹ̀rù wá kù, torí àwọn tá a jọ ń ṣe iṣẹ́ yìí fẹ́ràn ẹ̀ púpọ̀. Èéfín gúrúpù ń pa èèyàn, òótọ́ ni, ẹni tó bá tàn án sínú yàrá tàbí sí ẹsẹ̀ fèrèsé lè sùn kó má jí, torí gáàsì tó wà nínú ẹ̀ ò ní òórùn. Wọ́n á wá mú ọ̀rọ̀ yìí, wọ́n á fi ya àwòrán òkú sára páálí, wọ́n á ní ẹ ra sólà. Lọ́dún 1965, Leventhal àtàwọn ẹlẹgbẹ́ ẹ̀ ní Yunifásítì Yale fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní ìwé tó ń dẹ́rù bani nípa àrùn tẹ́tánọ́ọ̀sì. Ẹ̀rù bà wọ́n, wọ́n gbà pé ó yẹ kí wọ́n gba abẹ́rẹ́, síbẹ̀ àwọn tó lọ gbà á ò ju bíi 3 nínú 100 lọ. Àwọn tí wọ́n tún fún ní máàpù ibi tí wọ́n ti ń gún un, tí wọ́n sì ní kí wọ́n wo ọjọ́ àti wákàtí tó máa rọ̀ wọ́n lọ́rùn, bíi 28 nínú 100 ló lọ. Ọ̀nà ni wọ́n fi hàn wọ́n. Nítorí náà, ní tèmi, ọ̀rọ̀ èéfín yìí, gbogbo ẹni tó bá ní gúrúpù ni mo máa ń sọ ọ́ fún, títí kan ẹni tó wá ra gúrúpù lọ́dọ̀ wa: ìta gbangba ni kẹ́ ẹ gbé e sí, kó jìnnà sí ilẹ̀kùn àti fèrèsé. Mi ò ní í fi tajà. Ohun tí mo sì mú nínú iṣẹ́ Leventhal fún ọjà ni ọjọ́. Mo bi màmá pé ìgbà wo ló kan yín nínú tọ́ntìnì, ó ní lẹ́yìn tí wọ́n bá ti ta àgbàdo tuntun. Ọjọ́ yẹn la kọ sísàlẹ̀ ìwé náà fún 150,000 àkọ́kọ́, mi ò sì dà á láàmú kó tó dìgbà náà.

Ẹ lè mọ èyí tó kù nínú ọ̀rọ̀ yín bí oníbàárà ṣe ń ṣe. Ẹni tó gba gbogbo ìṣirò yín, tó ń mi orí, tó ká ìwé sínú báàgì, tó ní mo ń bọ̀, tí ò wá padà wá, ẹni yẹn ò rí ohun tó kàn án nínú ẹ̀, ẹ ò bi í ní ìbéèrè léèsì tiẹ̀. Ẹni tó sì ń kánjú, tó fẹ́ san owó lójú ẹsẹ̀, tí ò béèrè nípa bátìrì, tí ò béèrè nípa òjò, ẹni yẹn ni kẹ́ ẹ sọ pé kó jókòó, ẹ fún un ní ìwé, ẹ ní kó lọ fi han ará ilé ẹ̀. Mo mọ̀ pé ó ṣòro kéèyàn ní kí owó tó ti ń bọ̀ dúró ná. Ṣùgbọ́n òun ló máa pe yín ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí i pé sólà yín ò dáa, òun náà ló sì máa sọ bẹ́ẹ̀ ní ọjà.

Àwọn kan sì wà tí sólà ò yẹ fún. Wẹ́dà kan ní Àjàṣẹ́, nítòsí ọjà Wàndó, ti gbọ́ ìpolówó pé kò ní ariwo, kò ní èéfín, ọkàn ẹ̀ ti lọ síbẹ̀. Ẹ̀rọ ìjórin ẹ̀ ń fa ẹgbẹẹgbẹ̀rún wáàtì, ohun tó máa gbé ìyẹn lójoojúmọ́ á gba owó tí ṣọ́ọ̀bù ẹ̀ ò lè pa padà. Mo sọ fún un pé kó ra gúrúpù tó tóbi. Nípa gúrúpù, ìmọ̀lára ò pọ̀ níbẹ̀, ìbéèrè tó kàn án ò ju ẹni tó lè tún un ṣe ládùúgbò ẹ̀ àti ibi tó ti máa rí páàtì ẹ̀ rà lọ, nítorí náà mẹkáníìkì rẹ̀ gan-an ni mo ní kó mú wá, òun ló yẹ kó fọkàn tán jù mí lọ.

Fún rédíò, èmi kì í fi ju nọ́ńbà kan sínú ìpolówó, torí ẹni tó ń gun ọ̀kadà lọ sóko ò lè di méjì mú. Èyí tá a kọ kẹ́yìn rèé: "Ẹ̀yin télọ̀, ẹ̀yin onígbàjámọ̀, ẹ ro iye tí gúrúpù yín mu lóṣù tó kọjá pọ̀. Tó bá ju 36,000 fáránkì lọ, ẹ mú iye náà wá sọ́dọ̀ wa, ká jọ wò ó bóyá sólà lè gbé iṣẹ́ yín. Tí ò bá lè gbé e, a máa sọ fún yín."